Pirojẹ́tọ̀ fún síláìdì fífẹ̀ àti fún síláìdì àtijọ́: èwo ni kí ẹ rà?

Irú síláìdì méjì ló wọ́pọ̀. Èyí tó fẹ̀, 16:9, ni PowerPoint ń ṣí sílẹ̀ fúnra rẹ̀ láti ẹ̀dà 2013. Èyí tó jọ onígun mẹ́rin dọ́gba, 4:3, ni a ń bá nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó ṣáájú rẹ̀. Gíga kan náà, íǹṣì 7.5, ni àwọn méjèèjì ní níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbú ti àkọ́kọ́ jẹ́ 13.33, ti èkejì sì jẹ́ 10.

Nígbà kan tí mo yá pirojẹ́tọ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, òpó tó kẹ́yìn nínú tábìlì mi kò hàn dáadáa: «Oṣù Kejìlá» ti di «Oṣù Ke». Síláìdì mi jẹ́ 16:9, ẹ̀rọ náà sì jẹ́ ti 4:3, píksẹ́lì 1024×768. Ìyẹn nìkan kò yẹ kó gé ohunkóhun, nítorí ńṣe ni àwòrán yẹ kó súnkì sí 1024×576, kí ọ̀já dúdú kan sì wà lókè, kí òmíràn wà nísàlẹ̀. Ẹni tó lò ó kẹ́yìn ló fi Aspect, ètò tó ń pinnu bí àwòrán ṣe ń kún ojú ẹ̀rọ, sí Zoom, tí ẹ̀rọ fi fẹ àwòrán náà títí ó fi kún láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí ìdá kan nínú mẹ́jọ síláìdì sì dànù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo dá a padà sí Auto, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ẹni tó bá ra 1024×768 fún síláìdì fífẹ̀ yóò máa lo ìdá mẹ́ta péré nínú mẹ́rin ojú ẹ̀rọ rẹ̀. Bákan náà ni 1920×1080 rí fún síláìdì àtijọ́: 1440 ni yóò gbà nínú 1920, ìyókù yóò ṣófo lápá ọ̀tún àti òsì. Lójú tèmi, 1280×800 ló bá ẹni tí irú síláìdì méjèèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀ mu, torí pé ọ̀já tínínrín ni 16:9 ń fi sílẹ̀ níbẹ̀, tí 4:3 sì ń kún gíga rẹ̀ tán. Síláìdì fífẹ̀ nìkan lẹ ní? Ẹ ra 1920×1080.

Ẹ má ṣe rò pé yíyí síláìdì padà yóò gbà yín lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá sọ 16:9 di 4:3 nínú Slide Size, Maximize lè ti ọ̀rọ̀ yín kọjá etí, nígbà tí Ensure Fit yóò mú un kéré.

Ẹ ṣọ́ra fún páálí tó kọ 1080p gàdàgbà. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ náà kàn ń gba irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wọlé ni, tí ojú rẹ̀ gan-an kò sì ju 800×480 lọ. Native Resolution ni kí ẹ wá nínú ìwé rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé síláìdì kan dání tí ẹ fa ìlà sí etí rẹ̀ yíká, tí ẹ sì ya òbìrí sí àárín. Bí ìlà bá sọnù, ẹ̀rọ ń gé e. Bí òbìrí bá dà bí ẹyin, ó ń nà án. Ẹ gba rìmóòtù lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí ẹ tẹ Aspect. Bí ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá padà wá, tí òbìrí kò sì dà bí ẹyin mọ́, ètò Aspect ló fà á, kì í ṣe àbùkù ẹ̀rọ.