Ìkìlọ̀: Ẹ ṣọ́ra fún ráìsì kúkà tòkunbọ̀ tí wọ́n lẹ sítíkà mọ́ lójú

Ẹ̀yin ará wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó náwó. Ọkùnrin kan wà tó ń fi bọ́ọ̀sì gbé ráìsì kúkà tòkunbọ̀ kiri ọjà wa. Lónìí ẹ ó rí i ní Ṣágámù, lọ́la ó ti dé Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ mìíràn ó wà ní Ìpẹru. Ọjà rẹ̀ mọ́, ó ń dán, owó rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ wọ́n. Mi ò sọ pé àwọn ẹ̀rọ náà bàjẹ́ o. Inú sítíkà funfun tó lẹ mọ́ orí bọ́tìnì wọn ni jìbìtì wà, èyí tó fi bo lẹ́tà Jàpáànì tó wà nísàlẹ̀. Ó kọ COOK, ó kọ START, ó kọ JOLLOF, ó kọ BEANS. Mo tilẹ̀ rí ọ̀kan tó kọ IKOKORE sí lára. Ará Jàpáànì wo ló mọ ìkòkòrẹ́, tí yóò wá ṣe bọ́tìnì rẹ̀?

Ẹ̀rọ tó bá ní sítíkà máa ń wọ́n ju èyí tí kò ní lọ, nítorí ó máa ń sọ pé òun ti “yí i sí Òyìnbó”. Kò yí nǹkan kan. Kò lè ka lẹ́tà yẹn, bébà sítíkà kan náà ló sì ń gé lẹ̀ mọ́ gbogbo ẹ̀rọ, bí àyè bá ṣe gbà á. Bí ẹ̀rọ bá wá ń ṣe ségesège nílé oníbàárà, yóò ní kí wọ́n gbé e padà wá kí òun tún bọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣe, yóò sì gba owó míì. Owó ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ló dùn mí jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò ìyá mi ní Ìpẹru, nítorí ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Màmá ra kúkà kan lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, pẹ̀lú tiransifọ́mà rẹ̀. Ó fọ ìrẹsì, ó da omi sí i, ó tẹ bọ́tìnì tí sítíkà rẹ̀ sọ pé COOK, lẹ́yìn náà ó tẹ èyí tó sọ pé START. Nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni. Aago ojú ẹ̀rọ ń sọ pé 0:05. Màmá ò kà á sí, ó rò pé nítorí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sí iná ni. Nígbà tó tẹ COOK, ó rí 6:00 lójú ẹ̀rọ, ó sì gbà pé aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni oúnjẹ yóò jinná.

Aago mẹ́fà lù. Ó ṣí ìdérí, omi tútù ló bá, ìrẹsì jókòó jẹ́ẹ́ sí ìsàlẹ̀. Ó pe ọkùnrin náà. “Mọ́mì, ẹ má ṣèyọnu, bọ́ọ̀dù ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹ fi ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ránṣẹ́, ẹ gbé e wá lọ́jọ́ ọjà.” Nígbà tí mo dé ilé wọn lálẹ́, ẹ̀rọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èéfín fúnra rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù, ó dún pìn-pìn-pìn, ìrẹsì sì ti jinná. Màmá ò tiẹ̀ fẹ́ fọwọ́ kàn án, ó ní kí la mọ̀ nípa ohun tó ń dá iná ara rẹ̀ tàn lóru.

Mo yọ sítíkà, mo sì rí ọ̀ràn. Bọ́tìnì tó pè ní COOK jẹ́ 予約, bọ́tìnì tí a fi ń yan àkókò tí oúnjẹ máa jinná sílẹ̀. Èyí tó pè ní START jẹ́ 炊飯, tó jẹ́ bọ́tìnì tí a fi ń se ìrẹsì gan-an. Bí ẹ bá fẹ́ fi àkókò sílẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ kúkà Jàpáànì, bí màmá ṣe tẹ̀ ẹ́ yẹn gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́: 予約 lákọ̀ọ́kọ́, 炊飯 tẹ̀ lé e. Àṣẹ tí wọ́n pa fún un ló tẹ̀ lé. 6:00 sì ni aago mẹ́fà òwúrọ̀, torí àwọn kúkà yìí sábà máa ń ka aago láti 0 dé 23, mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni 18:00. Àárọ̀ ibo wá ni? Ti Jàpáànì. Bátìrì kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ tó máa ń jẹ́ kí aago rẹ̀ ṣì máa lọ láìsí iná, ó sì bá a dé ìhín láìdúró. Wákàtí mẹ́jọ ni Jàpáànì fi ṣáájú wa. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní Ìpẹru jẹ́ òru gànjọ́ níbẹ̀, aago mẹ́fà òwúrọ̀ wọn sì jẹ́ aago mẹ́wàá alẹ́ tiwa. Ẹ̀rọ náà ṣe ìṣirò tirẹ̀ dáadáa. Bọ́ọ̀dù kankan ò bàjẹ́, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ sì fẹ́ lọ lásán.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra, ẹ ní kó yọ sítíkà níwájú yín. Bí kò bá gbà, ẹ máa bá tiyín lọ. Mẹ́rin péré ni lẹ́tà tó yẹ kí ẹ mọ̀ dáadáa. 炊飯 ni kó máa sè. 保温 ni kó máa gbóná lásán, kì í sè. Ẹ̀rọ kan tí mo rí lọ́jà ní sítíkà RICE lórí 保温 yìí, èyí sì léwu ju ti màmá lọ. Ooru tí kò tó láti se nǹkan ni 保温 máa ń fún ìkòkò. Ìrẹsì tútù á wà nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún wákàtí, yóò rọ̀ díẹ̀, yóò sì kan láìjinná. 取消 ni kó dáwọ́ dúró, wọ́n máa ń kọ ọ́ bíi とりけし lórí òmíràn tàbí 切 nìkan. 予約 ni ti àkókò tí mo ti sọ. Ní ti àwọn yòókù, ẹ kàn máa wo bí wọ́n ṣe rí.

Lójú ẹ̀rọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí aago ti ń hàn, ẹ ó rí orúkọ oúnjẹ bíi mélòó kan tí bọ́tìnì メニュー fi ń yí kiri. 白米 ni ìrẹsì funfun. 玄米 ni ìrẹsì tí èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú rẹ̀ ṣì wà lára. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó jinná, òun ni mo máa ń lò fún ọ̀fadà, nítorí ọ̀fadà náà ṣì ní èèpo díẹ̀ lára. 早炊き ni ìsèkíákíá. おかゆ ni ìrẹsì ṣíṣàn bí ẹ̀kọ, iná pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ ni ó ń lò kó má baà ru jáde. Ibẹ̀ ni ọ̀gá sítíkà lẹ JOLLOF mọ́! Ẹni tó bá se jọ̀lọ́ọ̀fù síbẹ̀, nǹkan pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ ni yóò bù jáde. Èyí tó sún mọ́ jọ̀lọ́ọ̀fù jù ni 炊込み, ètò ìrẹsì tí wọ́n fi ẹran, ẹ̀fọ́ àti èròjà sè pọ̀, nítorí ó máa ń rọra ṣe iná kí ìsàlẹ̀ má jóná. Ẹ má fi àkókò sílẹ̀ fún irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ o, ẹran tútù kì í dúró de ẹnikẹ́ni nínú ooru wa. Ẹ̀wà àti ìkòkòrẹ́ ò ní ètò tiwọn níbẹ̀, kó sọ ohun tó bá fẹ́.

Ìlà omi inú ìkòkò náà, ìrẹsì Jàpáànì tó kúrú ni wọ́n fà á fún. Ìrẹsì alápò tí à ń rà, tí wọ́n ti bọ̀ kí wọ́n tó yọ èèpo rẹ̀, ń fẹ́ omi ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ bù ú kọjá ìlà díẹ̀. Ife tó bá a wá sì jẹ́ 180 mílílítà, kì í ṣe dẹ́rìkà.

Ọ̀rọ̀ iná kù. Lẹ́tà 保温 wà lórí kúkà Ṣáínà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń pe méjèèjì ní “Ṣáínà”. Ti Ṣáínà jẹ́ 220V, iná nẹ́pà wa kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ti Jàpáànì jẹ́ 100V. Bí ẹ bá kì í bọ iná wa tààrà, agbára tí yóò fà lè tó ìlọ́po márùn-ún èyí tí wọ́n ṣe é fún, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi jóná. Ọ̀nà láti dá wọn mọ̀ ni lẹ́tà róbótó bíi お, の, り. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ láàárín àwọn lẹ́tà onígun, ti Jàpáànì ni. Ẹ sì dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ẹ ka àmì ìdí rẹ̀, 100V tàbí 220V á wà níbẹ̀. Sítíkà ọkùnrin yìí sọ pé 220V lára ẹ̀rọ màmá, àmì ìdí rẹ̀ sì sọ pé 100V. Nọ́ńbà wát tó tẹ̀ lé 消費電力 ni kí ẹ fi yan tiransifọ́mà. Àwọn kúkà ńlá máa ń lé ní 1000W, tiransifọ́mà 500W tó ń tà pẹ̀lú wọn á kàn gbóná títí yóò fi rùn. Ti màmá ò tíì jóná nítorí pé kúkà kékeré ló rà.

Bí ẹ bá ti rà á tẹ́lẹ̀, ẹ má fi owó àtúnṣe ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ ya fọ́tò sítíkà náà kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ ó nílò rẹ̀ bí ẹ bá bá a lójúkojú. Ẹ fi òróró díẹ̀ pa á, ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́, yóò ṣí. Ẹ da ife omi kan sínú ìkòkò, ẹ tẹ 炊飯 nìkan. Bí ó bá hó, ẹ tẹ 取消, ẹ̀rọ yín dáa nìyẹn. Lórí ọ̀pọ̀ wọn, bí ẹ bá di 時 mú pẹ́, aago á máa ṣẹ́jú, ẹ ó sì lè yí i sí aago tiwa. 時 ni wákàtí, 分 ni ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá mọ ọjà tí ọkùnrin náà fẹ́ ná lọ́sẹ̀ yìí, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Bọ́ọ̀sì rẹ̀ aláwọ̀ ewé, ó so ìkòkò kúkà kan mọ́ iwájú rẹ̀.