Àgbéyẹ̀wò kápúsù ìwúkàrà Boulard: mo lò ó pẹ̀lú oògùn apakòkòrò kí inú mi má baà bàjẹ́

Dókítà eyín kọ oògùn apakòkòrò fún mi láti lò fún ọ̀sẹ̀ kan nítorí eyín kan tí ìdí rẹ̀ ti ń ṣọyún. Amọ́sísílìn tí wọ́n pò mọ́ kílàfúláníìtì ni oògùn náà. Mo ti lò ó rí, inú mi kì í sì í gbà á: kí n tó lò ó dé ìdajì ni ìgbẹ́ gbuuru máa ń dé, á sì máa bá mi fà á títí oògùn yóò fi tán. Èyí kì í ṣe tèmi nìkan, nítorí pé àdàlù méjèèjì yìí wà lára àwọn apakòkòrò tó máa ń da inú láàmú jùlọ. Ìdí nìyí tí mo fi béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá mo lè fi purobayótíìkì, ìyẹn kòkòrò alààyè tí a ń gbé mì kí ó lè ṣe inú láǹfààní, kún un. Obìnrin náà kọ́kọ́ bi mí bóyá mo ní àìsàn kankan tó ń dín agbára ara kù, ìbéèrè tí n óò padà sọ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọ orúkọ kan ṣoṣo sínú ìwé fún mi, ó sì kìlọ̀ pé kí n má gba òmíràn dípò rẹ̀: Saccharomyces boulardii CNCM I-745, mílígíráàmù 250, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́.

Ẹni tó ń tajà ní ilé oògùn tí mo kọ́kọ́ dé kò ní in. Ó gbé páálí mìíràn wá tí wọ́n kọ orúkọ bakitéríà mẹ́wàá sí lára, ó ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Ìwúkàrà ni ohun tí dókítà kọ fún mi, kì í ṣe bakitéríà, ìyàtọ̀ yìí ló sì gbé gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ró. Oníṣẹ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé kan, Henri Boulard, ló rí i ní Indoṣáínà ní àwọn ọdún 1920, nígbà tí ó ṣàkíyèsí pé àwọn ará ibẹ̀ ń mu omi tí wọ́n fi èèpo èso sè láti fi gbógun ti ìgbẹ́ gbuuru ní àsìkò onígbáméjì; láti ara àwọn èso náà ló ti yọ ìwúkàrà yìí jáde. Oògùn bí amọ́sísílìn máa ń ba ògiri ara bakitéríà jẹ́, ìwúkàrà kò sì ní irú ògiri bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó lè wà láàyè nínú ìfun nígbà tí apakòkòrò ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ bakitéríà lásán ni mo gbé mì, oògùn tí mò ń lò fún eyín lè pa á pẹ̀lú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kí àwọn tó ń lo irú ti bakitéríà fi bíi wákàtí méjì sáàárín òun àti apakòkòrò.

Ilé oògùn kejì ni mo ti rí i rà. Mo wo nọ́ńbà NAFDAC, mo wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, mo sì wo ibi tí wọ́n ti sọ bí a ó ṣe tọ́jú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ti gbẹ omi ara rẹ̀ dànù nínú òtútù, bíi tèmi, kò nílò fíríìjì, àǹfààní gidi sì nìyẹn níbi tí iná ti máa ń lọ fún ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀pọ̀ àwọn oní-bakitéríà ni kò lè fara da ooru bẹ́ẹ̀. Iye ẹ̀mí tí wọ́n bá kọ sí ara páálí wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní CFU, sì lè jẹ́ iye tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, kì í ṣe iye tó kù lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Owó kápúsù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti apakòkòrò fúnra rẹ̀, mo sì ka ìyẹn sí àbùkù.

Ọjọ́ kan náà tí mo bẹ̀rẹ̀ apakòkòrò ni mo bẹ̀rẹ̀ ìwúkàrà náà. Nínú àwọn ìwádìí tó fi àǹfààní hàn, ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fún àwọn ènìyàn, láàárín ọjọ́ kìíní sí ìkejì, wọn kì í dúró di ìgbà tí inú bá ti bàjẹ́. Omi tútù ni mo fi ń gbé e mì. Ẹni tí kò lè gbé kápúsù mì lè da ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú oúnjẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe sínú ògì tí èéfín ṣì ń jáde lára rẹ̀, nítorí pé ohun tó bá gbóná ju ìwọ̀n sẹ́síọ́ọ̀sì 50 lọ yóò pa á. Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí àwọn obìnrin mọ̀: bí apakòkòrò bá fa èéyún ojú ara, tí wọ́n sì fún yín ní fulukonásóòlù, oògùn náà ń pa ìwúkàrà, kò sì ní ya tí Boulard sọ́tọ̀, a jẹ́ pé owó yín ti ṣòfò.

Inú mi kò bàjẹ́ ní ìgbà yìí. Afẹ́fẹ́ pọ̀ díẹ̀ nínú mi, ìgbẹ́ mi sì gbẹ ju bó ṣe yẹ lọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gba èyí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, mo sì fẹ́ fi ìṣirò ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ní 2015, wọ́n kó ìwádìí 21 lórí ìwúkàrà yìí jọ, àwọn tó kópa nínú wọn, ọmọdé àti àgbà, sì jẹ́ 4,780. Bí a bá mú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ń lo apakòkòrò láìlo ìwúkàrà, àwọn bíi 19 ni ìgbẹ́ gbuuru mú. Nínú ọgọ́rùn-ún tó lò ó, bíi 8 sí 9 ni. Ẹni mẹ́wàá ni ó ṣe láǹfààní, nígbà náà. Àwọn bíi 81 kì bá tí ní ìgbẹ́ gbuuru bí wọn kò tilẹ̀ lo nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni àwọn 8 tàbí 9 náwó, ìgbẹ́ gbuuru sì tún mú wọn síbẹ̀. N kò lè mọ̀ bóyá mo wà nínú àwọn mẹ́wàá tàbí nínú àwọn 81, ẹnikẹ́ni tó bá sì sọ fún yín lórí ìlò ara rẹ̀ nìkan pé òun mọ̀, ó ń méfò ni. Ohun tó jẹ́ kí n rò pé ó tọ́ fún mi ni pé oògùn tí mò ń lò àti ìtàn inú mi fi hàn pé ewu tèmi pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Ẹni tó ń lo apakòkòrò tí kì í sábà da inú rú, tí inú rẹ̀ kò sì bàjẹ́ rí, èrè tí yóò rí kéré púpọ̀.

Ìròyìn kò sì dùn tó bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní ilé ìwòsàn ní Jámánì, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016, lórí ìwúkàrà yìí kan náà. Nígbà tí àwọn tó kópa fi tó 477, wọn kò rí ìyàtọ̀ kankan, wọ́n sì dá a dúró. Ti àdàlù bakitéríà tilẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn àgbàlagbà. Ìwádìí PLACIDE ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wélísì, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2013, lo ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn ó dín díẹ̀, tí gbogbo wọn ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìdá 10.8 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ìgbẹ́ gbuuru láàárín àwọn tó lo bakitéríà náà, ìdá 10.4 láàárín àwọn tí wọ́n fún ní kápúsù tí kò ní nǹkan kan nínú. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ pé “purobayótíìkì ṣiṣẹ́”, ẹ bi í pé èwo, fún ta ni.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ti bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀rí tó wà fún ìwòsàn kò lágbára tó ti ìdènà. Omi ni ara ń pàdánù, omi ni a ó sì dá padà: ORS tí a pò bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára sáṣẹ́ẹ̀tì, àti síǹkì fún ọmọdé. Ọ̀pọ̀ ará ilé wa yóò ní omidùn náà wà, ó sì jẹ́ òtítọ́ pé irú bakitéríà tó ń sọ wàrà di kíkan wà nínú omi ògì tí a kò tíì sè. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ iye tó wà nínú ife kan, omi tí wọ́n fi sẹ́ ògì náà sì lè ní kòkòrò tirẹ̀. Bí a bá ti sè é di ẹ̀kọ mímu, oúnjẹ dáadáa ni, àmọ́ àwọn bakitéríà náà ti kú.

Ní ti àwọn tí kò gbọ́dọ̀ lò ó, ibi tí ìbéèrè dókítà mi ti wúlò nìyí. Àǹtí mi kan ń gba oògùn jẹjẹrẹ, wọ́n sì ti fi rọ́bà kan sí òpójẹ̀ ńlá tó wà lọ́rùn rẹ̀ tí oògùn ń gbà wọlé. Ó rí kápúsù lọ́wọ́ mi, ó ní kí n fún òun, nítorí pé wọ́n ń fún òun náà ní apakòkòrò. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká bi dókítà yín ná.” Èsì dókítà náà le: kí Àǹtí má lò ó, kí èmi pàápàá má sì ṣí kápúsù náà nínú yàrá tí wọ́n wà. Ìyẹ̀fun rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó máa ń fò, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ọwọ́ náà sì lè gbé e dé ẹnu rọ́bà yẹn kó sì wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ. Nígbà tí ìwúkàrà alààyè bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára, ó lè fa ibà líle, àwọn kan sì ti ti ibẹ̀ kú. Nítorí irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń bójútó oògùn ní Yúróòpù ṣe là á kalẹ̀ ní 2017 pé a kò gbọ́dọ̀ fi í fún ẹni tó ń ṣàìsàn gan-an tàbí ẹni tí agbára ìdáàbòbò ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ní àfikún sí àwọn tó ní rọ́bà nínú òpójẹ̀ ńlá, tí wọ́n ti kà á léèwọ̀ fún tẹ́lẹ̀.

Àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún, àwọn tó ń lo oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù púpọ̀, àti àwọn tó ń gbé pẹ̀lú kòkòrò HIV tí agbára ara wọn ti relẹ̀ wà lára àwọn tí a kò gbọ́dọ̀ fi í fún yìí. Ti bakitéríà náà ní ewu tirẹ̀: ní Họ́láǹdì, nígbà tí wọ́n fún àwọn tí páńkíríàsì wọn, ẹ̀yà inú tó ń ṣe omi tí ń da oúnjẹ, ń wú líle ní àdàlù purobayótíìkì, ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú, nígbà tí ó jẹ́ ìdá 6 láàárín àwọn tí kò gbà á. Àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé kí a tó bí wọn náà ń bẹ nínú àwọn tí a kò gbọ́dọ̀ dá fún ní nǹkan yìí nílé. Àjọ FDA tó ń bójútó oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa wọn ní 2023 lẹ́yìn tí ọmọ kan kú. Ẹni tí ìwúkàrà kì í bá lára mu náà kò gbọ́dọ̀ gbìyànjú rẹ̀.

Bí wọ́n bá tún kọ oògùn eyín yẹn fún mi, n óò tún ra kápúsù náà, n óò sì dá a dúró bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí apakòkòrò bá tán. Kì í gbé inú ẹni, láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí a bá ṣíwọ́ rẹ̀ ni yóò ti jáde tán. Ohun tí n kò ní fi kápúsù kankan tọ́jú ni ìgbẹ́ tó ní ẹ̀jẹ̀, tàbí tó bá ibà àti inú rírun líle rìn, tàbí tó ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Ó lè jẹ́ kòkòrò tí wọ́n ń pè ní difisíìlì, tó máa ń gba ìfun lẹ́yìn tí apakòkòrò bá ti pa àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ ló ń fi í hàn, ó ní oògùn tirẹ̀, oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró bíi lopiramáìdì sì lè mú un burú sí i. Ó lè bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí oògùn ti tán, nítorí náà bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ dárúkọ apakòkòrò tí ẹ lò kẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ ti oṣù tó kọjá.