Àròpọ̀ aₙ àbí àròpọ̀ lọ́gì: èwo ni ká fi yẹ ìsọdipúpọ̀ aláìlópin wò?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mò ń kọ́ ní Òkè-Ìlewó, Abẹ́òkúta, fẹ́ràn ọ̀nà tó yá. Bí wọ́n bá rí ∏(1+aₙ), ìyẹn ìsọdipúpọ̀ gbogbo 1+aₙ láìlópin, wọn a kàn ro aₙ pọ̀. Bí àròpọ̀ náà bá fìdí kalẹ̀ sórí iye kan, wọn a ní ìsọdipúpọ̀ náà fìdí kalẹ̀. Òótọ́ ni, bí kò bá sí aₙ kankan tó kéré sí òdo. Ibi tí àmì ti ń yí padà ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ wo aₙ = (−1)ⁿ/√n, láti n = 2. Àròpọ̀ rẹ̀ fìdí kalẹ̀, torí àmì ń yí padà, iye rẹ̀ sì ń dínkù lọ sí òdo. Ṣùgbọ́n ẹ wá sọ ọ́ di púpọ̀ ní méjì-méjì: 1.7071 × 0.4226 jẹ́ 0.72. Ẹ fi méjì tó tẹ̀lé e kún un, ó di 0.60, méjì mìíràn, 0.52. Ó ń lọ sí òdo nìyẹn, bó tilẹ̀ ń rọra lọ.

Lọ́gì ló ń tú àṣírí yìí, torí ó ń sọ ìsọdipúpọ̀ di àròpọ̀: log(1+x) = x − x²/2 + ⋯. Níbí, x² jẹ́ 1/n, àròpọ̀ 1/n kò sì lópin, nítorí náà àròpọ̀ lọ́gì wọlẹ̀ lọ sí −∞. Nínú ìṣirò, a kì í ka irú òdo bẹ́ẹ̀ sí ìfìdíkalẹ̀, torí òdo kò ní lọ́gì.

Lọ́gì ni èmi yóò mú, níwọ̀n ìgbà tí 1+aₙ bá ju òdo lọ: bí àròpọ̀ lọ́gì bá fìdí kalẹ̀, ìsọdipúpọ̀ náà fìdí kalẹ̀, bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò fìdí kalẹ̀. Àmọ́ bí àròpọ̀ aₙ² bá fìdí kalẹ̀, ọ̀nà tó yá náà tó.