Wákàtí 4,000 lórí YouTube: èyí tí wọ́n ń kà, èyí tí wọn kì í kà, àti ohun tó ń mú kí wọ́n kọ̀ ọ́

Ṣánẹ́ẹ̀lì àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo ní lórí YouTube, Abẹ́òkúta ni mo sì ti ń ya fídíò rẹ̀. Wọ́n ti gbà mí wọlé sínú ètò tí wọ́n fi ń pín owó ìpolówó fún àwa tó ń gbé fídíò síbẹ̀. Láti ìgbà náà, ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn ń bi mí: "Mo ti pé wákàtí, kí ló dé tí wọn ò gbà mí?"

Láti oṣù kìíní ọdún 2018 ni òfin náà ti wà: kí olùtẹ̀lé rẹ pé 1,000, kí àwọn èèyàn sì ti fi wákàtí 4,000 wo fídíò rẹ láàárín oṣù 12 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Wákàtí yìí gan-an ló ń dá èèyàn dúró. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Wákàtí 4,000 jẹ́ ìṣẹ́jú 240,000. Fídíò mi máa ń tó ìṣẹ́jú 10, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú 3 péré ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò kí wọ́n tó ṣí lọ. Ìyẹn ni pé wọ́n ní láti wò mí nígbà 80,000 kí n tó pé. Mo wá yí ìbẹ̀rẹ̀ fídíò padà: aṣọ tó ń jáde látinú aró, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí láti ewé sí búlúù bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ sí i, ni mo kọ́kọ́ ń fi hàn kí n tó kí ẹnikẹ́ni. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dúró tó ìṣẹ́jú 6, ìgbà 40,000 sì ti tó mi.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wákàtí tí wọ́n ń rí nínú Analytics kọ́ ni YouTube ń kà. Èyí tó wà lábẹ́ Earn ni kí ẹ máa wò. Fídíò tí gbogbo ayé lè rí nìkan ló wà níbẹ̀. Èyí tí ẹ fi pamọ́ tàbí tí ẹ pa rẹ́ kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí ẹ sanwó ìpolówó kí wọ́n tó wò ó, àti Shorts tí èèyàn ń fi ìka yí kọjá. Ṣọ́ọ̀ṣì tó bá ń gbé ìsìn jáde láàárọ̀ Sunday, tó wá fi fídíò náà pamọ́ ní ìrọ̀lẹ́, ti sọ wákàtí rẹ̀ nù. Òǹkà náà sì ń rìn: èyí tí wọ́n wò ní oṣù 13 sẹ́yìn ti jáde kúrò. Ìdí nìyẹn tí iye náà fi lè dínkù lójú yín láìjẹ́ pé ẹ ṣe ohunkóhun.

Bí ẹ bá wá pé, ẹ ṣì máa ní láti tọrọ, èèyàn á sì yẹ ṣánẹ́ẹ̀lì yín wò, ó sábà máa ń gbà tó oṣù kan. Wọn kì í wo gbogbo fídíò. Ohun tí ṣánẹ́ẹ̀lì dá lé lórí, fídíò tí wọ́n wò jù, èyí tó tuntun jù, èyí tó kó wákàtí jù, àkọlé àti àwòrán iwájú ni wọ́n máa ń wò.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá àbúrò mi kan padà. Ó ń gé fíìmù Yorùbá sí ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta, ó ń fi orin sí i lábẹ́. Ó ní wákàtí 4,600, 3,100 nínú rẹ̀ sì wá látinú fíìmù gígé yìí. Èsì tó rí kà ni "reused content", ìyẹn ni pé iṣẹ́ ẹlòmíràn ló ń tún gbé jáde. Ó bínú, ó ní olówó fíìmù fún òun láyè. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí. Bí olówó fíìmù tiẹ̀ fọwọ́ sí i, ìbéèrè wọn ni pé kí ni ìwọ fúnra rẹ fi kún un? Mo gbà pé òfin yẹn tọ́, nítorí èmi náà ò ní fẹ́ kí ẹnìkan máa gé fídíò aró mi tà.

Ó lè pẹjọ́ láàárín ọjọ́ 21 pẹ̀lú fídíò kúkúrú tó ń fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, àmọ́ kò ní iṣẹ́ kankan tó fẹ́ fi hàn. Bó bá sì pa fíìmù gígé wọ̀nyẹn rẹ́ lójú ẹsẹ̀, wákàtí 1,500 ló máa kù. Nítorí náà ó jẹ́ kí wọ́n wà ná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó síwájú kámẹ́rà, ó ń sọ ibi tí ìtàn fíìmù ti gún àti ibi tó ti yẹ̀, ó sì ń fi ìran kéékèèké gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Nígbà tí èyí nìkan pé 4,000 ló tó fi ti àtijọ́ pamọ́, tó sì tún tọrọ. Wọ́n gbà á.

Ọjọ́ 30 ni ẹni tí wọ́n kọ̀ nígbà àkọ́kọ́ máa dúró kó tó tún tọrọ. Bí wọ́n bá tún kọ̀ ọ́, ó di ọjọ́ 90.