Ìpara eléwé tí ara mi kọ̀, àti àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹni tó tà á fi ránṣẹ́ sí mi

Ìpara ni mo rà, ṣùgbọ́n àtẹ̀jíṣẹ́ tí obìnrin tó tà á fi ránṣẹ́ sí mi nígbà tí ara mi kọ̀ ọ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù. Ohun tó ṣe dáadáa níbẹ̀ pọ̀. Ohun kan sì wà tó kù díẹ̀ káàtó, màá sọ ọ́ bó ṣe rí.

Inú ìgbọ̀nwọ́ mi méjèèjì ló máa ń gbẹ tí ó sì máa ń yún mi, òun ni mo ṣe ra ìpara náà. Òrí ni wọ́n fi pò ó, pẹ̀lú ewé àti òróró olóòórùn. Fún ọjọ́ 18 tí mo fi ń pa á láàárọ̀ àti lálẹ́, kò sí wàhálà kankan, awọ ara mi tiẹ̀ ti ń dẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 19 ni ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi kíkan. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ó ti sú wínníwínní, ó gbóná, ìléròrò kéékèèké sì ti wà lápá ọ̀tún. Kò pọ́n bí wọ́n ṣe máa ń yà á sínú àwòrán. Aláwọ̀ dúdú ni mí, ṣe ni ojú ibẹ̀ kàn dúdú sí i tó sì le gbagidi. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí i, inú sì ń bí mi.

Kò pé wákàtí kan tó fi dáhùn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí:

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrora. Ẹ má fi ìpara yẹn kan ara mọ́ láti ìsinsìnyí lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé àrùn ló ń jáde, ẹ má gbà á, ara yín ló ń kọ̀ ọ́. Ṣé ètè, ojú tàbí ahọ́n yín wú? Ṣé ẹ ń mí dáadáa? Ṣé òyì ń kọ́ yín? Bí ọ̀kan nínú wọn bá wà, ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ báyìí.”

Mo ka gbólóhùn “àrùn ló ń jáde” yẹn lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ohun tí ẹlòmíì tó ta àgbo fún mi nígbà kan rí sọ gan-an nìyẹn. Ó ní kí n fara dà á, kí n máa pa á lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi fara dà á nígbà náà, àpá rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ mi. Bí ohun tí a fi para bá ń mú kí ara yún, kó wú, kó sì lé ròrò, kì í ṣe ìdọ̀tí inú ara ló ń tú jáde. Bí a bá sì ń pa á lọ, ṣe ni yóò máa fẹ̀ sí i.

Nígbà tí mo fèsì pé kò sí ọ̀kankan nínú ohun tó kà sílẹ̀, ó bi mí ní ìbéèrè tí mi ò retí: ṣé kété tí mo pa á ló ta mí, àbí ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀? Ó ní èyí tó bá ta èèyàn lójú ẹsẹ̀, tí kò sì kọjá ojú ibi tí ìpara kàn, ó sábà máa ń jẹ́ pé ìpara náà le jù fún awọ ara. Ṣùgbọ́n èyí tí ara ti gbà fún ọjọ́ púpọ̀, tó wá dé lójijì, tó ń yún ju bó ṣe ń ta lọ, tó sì ń ràn kọjá ibi tí a pa á sí, ara ló ti mọ nǹkan kan nínú rẹ̀ ní ọ̀tá. Irú èyí kì í tètè fara hàn, ó lè gba ọjọ́ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn tí ohun náà kan ara kó tó yọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ rò pé ọṣẹ tí mo fi fọ aṣọ ló fà á.

Ó tún béèrè ibi tí mo ń gbé ìpara sí. Ojú fèrèsé ni, oòrùn ń pa á, mi ò sì í sábà dé e dáadáa. Ó ní kí n gbóòórùn rẹ̀. Òórùn tútù tó ní tẹ́lẹ̀ ti lọ, ó ti ń rùn bí ohun tí wọ́n fi ń po ọ̀dà. Òróró tíì-tíríì, òróró olóòórùn tí wọ́n ń yọ lára ewé igi kan, ló wà nínú rẹ̀, bí atẹ́gùn àti oòrùn bá sì ti bà á jẹ́, ó máa ń tètè mú kí ara kọ̀ ọ́ ju tuntun lọ. Ó gbà pé òun jẹ̀bi níbí, torí ìwé ara ike kàn sọ pé “ewé àti òróró” ni, kò dárúkọ wọn, kò sì sọ pé kí a fi pamọ́ kúrò lóòrùn. Ó fi orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́ ní kíkún, pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà nídìí ike.

Ìtọ́jú tó ní kí n ṣe kò le. Kí n fi omi tí kò gbóná àti ọṣẹ tí kò lóòórùn rọra fọ̀ ọ́ kúrò lẹ́ẹ̀kan, kí n má fi kànìnkànìn ha á. Kí n máa gbé aṣọ tí mo fi omi tútù rẹ lé e fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 bó bá ń yún, kí n sì fi fasilíìnì lásán pa á. Kí n má fọ́ ìléròrò, kí n má sì po ewé mìíràn lé e. Ó ní kí n bi apòògùn nípa ìpara haidirokọtísónì tó máa ń dín yíyún àti wíwú kù, ṣùgbọ́n kí n má dá a fi sí ojú tàbí ibi tó ti bó. Bí ọyún bá yọ, bí ibà bá dé, bó bá dé ojú, tàbí bí kò bá rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí n lọ rí dókítà, kí n sì gbé ike náà dání. Mo ti fẹ́ jù ú sínú pàǹtírí kó tó sọ bẹ́ẹ̀.

Níbi tó kù díẹ̀ káàtó nìyí: ó ní òun máa fi ọṣẹ òun rọ́pò rẹ̀ fún mi. Mo bi í nípa ohun tó wà nínú ọṣẹ. Òróró tíì-tíríì kan náà! Bí ara bá ti kọ nǹkan, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ohunkóhun tó ní in ti tó láti tún jí i, ó sì máa ń yá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jàre, mi ò rò ó débẹ̀,” ó sì dá owó mi padà lọ́jọ́ kejì.

Ọjọ́ 12 ló gbà kí ara mi tó padà sípò, àwọ̀ dúdú ibẹ̀ ṣì ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, dókítà awọ ara lẹ àwọn nǹkan kéékèèké mọ́ ẹ̀yìn mi láti mọ èyí tí ara mi kọ̀, òróró tíì-tíríì àti òrí wà lára wọn. Ó ṣí wọn lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó sì tún wò ó ní ọjọ́ kẹrin. Ojú òróró tíì-tíríì sú, ti òrí kò ṣe nǹkan kan. Mo fi èsì náà ránṣẹ́ sí i. Ó ti ń kọ orúkọ gbogbo òróró sára ike báyìí, ó fi fọ́tò ìwé tuntun náà hàn mí.

Màá tún rà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tí kò ní òróró yẹn nìkan.