Àgbéyẹ̀wò: ìwé ojú-ewé mẹ́rin tí wọ́n fi ṣàlàyé ìròyìn àyẹ̀wò ilé ọjà wa ní Èbúté-Mẹ́tà

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún iṣẹ́ yìí, màá sì sọ ohun tó gba ìràwọ̀ karùn-ún lọ́wọ́ wọn. Ohun tí a rà ni ìwé kékeré kan tí ilé-iṣẹ́ ẹnjiníà tó yẹ ilé ọjà wa wò kọ ní Yorùbá, kí àwọn àgbà lè mọ ohun tí ìròyìn gbọọrọ náà ń wí. Ìgbìmọ̀ àgbà àdúgbò wa ló ni ilé ọjà náà, èmi sì ni akọ̀wé. Ilé alájà méjì ni, àmọ́ àjà kejì kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́ ọ. Ìgbà tí èrò pọ̀ lọ́jà ni wọ́n gbé e lé ti ìsàlẹ̀ lórí, wọ́n sì tún to táǹkì omi mẹ́rin sórí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí pílánù ilé náà wọlẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹnjiníà fi ní láti fi ẹ̀rọ wá irin inú òpó, kí wọ́n sì gbẹ́ kọ́ǹkéré díẹ̀ jáde lọ tẹ̀ ẹ́ fọ́ ní láàbù.

Ìròyìn gan-an lé ní ọgọ́rin ojú-ewé, Òyìnbó ni gbogbo ẹ̀, tábìlì ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀. Nígbà tí a gbé e síwájú àwọn àgbà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni Bàbá alága bi ẹnjiníà: “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó máa wó ni, àbí kò ní wó?” Ẹni tó bá rántí ilé tó wó ní Ìta Fájì l'Érékùṣù Èkó lóṣù kẹta ọdún 2019, tó jẹ́ pé àwọn ọmọ ilé ìwé wà lókè ẹ̀, kò ní ní ìbéèrè mìíràn ju ìyẹn lọ. Kò sí ojú-ewé kan nínú ọgọ́rin yẹn tó dá Bàbá lóhùn. Ìgbà yẹn la ní kí wọ́n kọ èyí tí a lè kà fún ìpàdé. Owó tí wọ́n gbà fún un kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó àyẹ̀wò.

Ohun àkọ́kọ́ tó wù mí nínú ẹ̀ ni pé wọn kò fi ìtàn bẹ̀rẹ̀. Ojú-ewé kìíní, òkè pátápátá: “Ẹ tú omi inú táǹkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dànù lónìí. Ẹ kó ọjà kúrò ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà lápá gọ́tà, nísàlẹ̀ àti lókè. Ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà kankan fọwọ́ kan òpó mẹ́rin tí a kun lọ́dà pupa.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ ìdí. Táǹkì kọ̀ọ̀kan gba lítà 2,000. Lítà omi kan sì jẹ́ kílò kan. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀ jẹ́ kílò 8,000, ìyẹn àpò ìrẹsì oní-50 kílò 160, tó dúró sí ojú kan náà lórí àwọn òpó tí kò lágbára mọ́. Nínú ìwé Òyìnbó, gbólóhùn kan péré nípa dídín ẹrù orí òrùlé kù ló wà fún ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yìn ìwé ló sì fara pamọ́ sí. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti gba òpó wọ̀nyẹn sílẹ̀ nìyẹn, kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ bíríkìlà yẹn náà nídìí. Tí òpó bá là, ohun tó máa ń wá sí wa lọ́kàn l'Ékòó ni ká pe ẹnìkan kó gbẹ́ ibi tó là, kó sì fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Ìwé náà ṣàlàyé pé òpó tó ti ń ru ẹrù ju agbára ẹ̀ lọ, tí èèyàn bá tún gbẹ́ lára ẹ̀ láìkọ́kọ́ fi irin ti dẹ́kìn tó wà lórí ẹ̀ dúró, ìwọ̀nba tó ń bá a gbé ẹrù náà lonítọ̀hún ń gbẹ́ dànù yẹn. Símẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ lójú kì í gbé nǹkan kan, ńṣe ló kàn ń bo ojú ibi tó là.

Ojú-ewé kejì ló dára jù lójú tèmi. Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀, tó kàwé dáadáa, ti rí i nínú tábìlì kan pé òpó apá gọ́tà gba 27, nígbà tí 25 jẹ́ iye tí wọ́n ń retí. Ó ti ń sọ kiri pé ilé le koko. Ohun tí kò rí ni tábìlì mìíràn tó wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tí òpó kan náà ti gba 13. Ìwé Yorùbá náà kó nọ́ńbà méjèèjì sójú kan, ó sì sọ ohun tó fà á. Agbára tí kọ́ǹkéré ní kí ẹrù tó fọ́ ọ ni nọ́ńbà méjèèjì ń wọ̀n, àmọ́ ọ̀nà wọn yàtọ̀. Òòlù kékeré kan tó ń ta padà nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó ló fúnni ní 27, ojú òpó nìkan ló sì ń kàn. Kọ́ǹkéré tí wọ́n gbẹ́ jáde látinú òpó, tí ẹ̀rọ tẹ̀ títí tó fi fọ́, ló fúnni ní 13. Bí ẹ̀kọ gbígbóná tó ti di awọ lójú, tí inú ẹ̀ ṣì rọ̀, ni òpó wa rí.

Afẹ́fẹ́ ló ń mú ojú kọ́ǹkéré le bẹ́ẹ̀. Èròjà kan tó wà nínú afẹ́fẹ́, èyí tí àwa náà ń mí síta, ń wọ inú kọ́ǹkéré díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ó ń mú kí ojú ẹ̀ le sí i, àmọ́ ó ń pa ohun tí kò jẹ́ kí róòdù dógùn-ún. Wọ́n ní oògùn olómi tí wọ́n ń wọ́n sí ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́: ibi tó ṣì dára máa ń di àwọ̀ àlùkò, ibi tó ti bàjẹ́ kì í yí àwọ̀ padà rárá. Fọ́tò ẹ̀ wà nínú ìwé náà. Láti ojú òpó wọlé, mìlímítà 45 ni kò yí padà, bẹ́ẹ̀ mìlímítà 20 péré ni róòdù jìnnà sí ojú òpó. Ìyẹn ni pé ohun tó ń dáàbò bo róòdù ti tán lára ẹ̀ tipẹ́, omi gọ́tà sì ń ta sí i lójoojúmọ́. Irin tó bá dógùn-ún a máa wú, bó bá sì ti ń wú ni yóò máa ti kọ́ǹkéré tó bò ó ká kúrò. Wọ́n kọ́ àwọn àgbà bí wọn yóò ṣe mọ̀ ọ́n láìní ẹ̀rọ kankan: ibi tó là lọ sókè gbọọrọ bí ẹni tẹ̀lé róòdù, tí omi àwọ̀ ìpẹtà ń sun níbẹ̀, tó sì ń dún bí ohun tí inú ẹ̀ ṣófo tí èèyàn bá fi igi òòlù kàn án.

Ní ojú-ewé kẹta, wọ́n ṣe dáadáa, wọ́n sì tún kù síbì kan. Dẹ́kìn àjà kìíní ṣì dára níbi tó jìnnà sí gọ́tà, wọ́n sì gbà pé kó máa gbé nǹkan bí 400 kílò lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń rí fún ṣọ́ọ̀bù. Ta ló fẹ́ máa wọn ìyẹn lọ́jà? Wọ́n wá ní ká fa ìlà pupa sára ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 50 sílẹ̀, kí ọjà má kọjá ibẹ̀. Ìrẹsì ni wọ́n fi ṣírò ẹ̀. Àpò oní-50 kílò tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ gba nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún mítà onígun mẹ́rin. Tí mẹ́ta bá wà lórí ara wọn, ó ti ń lọ sí 400 kílò lórí mítà kan, márùn-ún á sì ti lé ní 600. Gbogbo oníṣọ́ọ̀bù ló lóye ìlà yẹn lọ́jọ́ náà.

Ìyálọ́jà ló rí ohun tó kù. Ó ní, “Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àmọ́ ọmọ wa kan ń ta táìlì lókè níbẹ̀, kò sì tíì dé ìlà yín.” Òótọ́ ni. Táìlì wúwo ju ìrẹsì lọ ní ìlọ́po méjì ààbọ̀ dáadáa. Tí wọ́n bá tò ó dé ìlà pupa, kílò 1,000 ló máa wà lórí mítà kan, kò sì ní sẹ́ni tó máa bá ọlọ́jà wí, torí pé kò kọjá ìlà. Ẹnjiníà gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n tún ojú-ewé náà kọ: táìlì kò gbọdọ̀ ga ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, símẹ́ǹtì kò sì gbọdọ̀ gòkè rárá. Kí wọ́n tó kọ irú ìwé yìí, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rìn yíká ọjà, kí wọ́n wo ohun tí oníkálukú ń tà.

Ojú-ewé kan náà ló ní ilé “nílò àtúnṣe díẹ̀”. Ìyálọ́jà tún fèsì pé, “Tó bá jẹ́ díẹ̀ ni, kí la wá ń kó ọjà kúrò fún?” Èmi náà lọ wo ti Òyìnbó: ohun tó sọ ni pé òpó mẹ́rin yẹn kò ní ìwọ̀n ààbò tó yẹ mọ́, a kò sì gbọdọ̀ lo apá ibẹ̀ títí wọn yóò fi ṣe wọ́n. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò jọra. Ó jọ pé wọn ò fẹ́ dẹ́rù ba àwọn àgbà, àwọn àgbà kò sì ní kí wọ́n bá wọn fi aṣọ bo òótọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n yọ ìràwọ̀ kan gan-an ni ìpìlẹ̀. Ìwé Òyìnbó sọ kedere pé wọn kò gbẹ́ ilẹ̀ wo ìpìlẹ̀, torí pé ṣọ́ọ̀bù kún gbogbo ibẹ̀. Ìwé Yorùbá kò mẹ́nu kàn án. Bẹ́ẹ̀, ó kun apá kejì ilé náà ní àwọ̀ ewé, tó túmọ̀ sí pé ẹ lè máa lò ó. Àjà kan ni wọ́n kọ́ ìpìlẹ̀ yẹn fún, méjì ló ń gbé báyìí, a ò sì jìnnà sí ọ̀sà. Nígbà tí a béèrè, wọ́n fi gbólóhùn méjì kún un: “A kò tíì yẹ ìpìlẹ̀ wò. Àwọ̀ ewé tí ẹ rí níbí kò kan ìpìlẹ̀.” Ó yẹ kí ìyẹn ti wà ní ojú-ewé kìíní látìbẹ̀rẹ̀.

Ojú-ewé kẹrin to iṣẹ́ àtúnṣe léra, èyí sì wúlò fún wa gan-an pẹ̀lú kọ̀ńtírátọ̀: kí wọ́n kọ́kọ́ fi irin ti dẹ́kìn dúró láti òkè dé ilẹ̀, kí wọ́n gbẹ́ kọ́ǹkéré tó ti kú dànù, kí wọ́n nu róòdù títí ìpẹtà yóò fi tán, kí wọ́n fi róòdù tuntun kún un, kí wọ́n sì da kọ́ǹkéré yí òpó ká ní mìlímítà 100, kí wọ́n máa rin ín fún ọjọ́ méje ó kéré tán. Kọ̀ńtírátọ̀ àkọ́kọ́ tó wá ní òun ò nílò irin tí wọ́n fi ń ti dẹ́kìn. Bàbá alága ṣí ìwé sí ojú-ewé náà, ó fi hàn án, ó sì ní kó máa lọ ilé.

Tí àdúgbò tiyín bá fẹ́ ra irú iṣẹ́ yìí, ẹ rí i pé ẹnjiníà tó wà nínú ìwé COREN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, ló fọwọ́ sí ti Yorùbá náà, kó sì lu òǹtẹ̀ ẹ̀ sí i bó ṣe lù ú sí ti Òyìnbó. Tiwa kò ní òǹtẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn ìgbà tí a béèrè ni wọ́n tó lù ú. Ẹ sì jẹ́ kó kọ ọjọ́ tí ìwé náà yóò kásẹ̀ nílẹ̀ sí i, nítorí tiwa sọ pé oṣù mẹ́fà ni, tàbí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá gbé ẹrù tuntun lọ sókè.