Áàpù ìdáwó ẹgbẹ́: ọjọ́ mẹ́rin kó tó wọ fóònù mi

Ìràwọ̀ 3 nínú 5 ni mo fún áàpù yìí, n kò sì ní dárúkọ iléeṣẹ́ tó ni ín. Ẹgbẹ́ wa níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde ló ní ká gbà á. Inú ìwé ni akápò wa ń kọ owó aṣọ Ojúde Ọba sí tẹ́lẹ̀, ariwo "mo ti san, o ò tíì san" kì í sì í tán lẹ́nu wa. Inú mi dùn sí áàpù náà, àmọ́ ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi bá a jà kó tó wọlé.

Fóònù mi àtijọ́ ló kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. "Your device isn't compatible with this version" ló kọ sójú rẹ̀. Mo lọ sí Settings, mo wọ About phone, mo rí i pé Android 6 ló wà nínú rẹ̀. Ìyẹn ò ní oògùn. Ẹni tó ṣe áàpù ló ń sọ Android tó kéré jù tó lè gbé e, bí ẹ pa gbogbo fọ́tò yín rẹ́, kò kàn án. Mo gbé ti àtijọ́ sílẹ̀, mo mú èyí tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ránṣẹ́ láti Manchester, Android 13 ni tirẹ̀.

Ìyẹn náà ní òun ò gbà: "This item isn't available in your country." Ó yà mí lẹ́nu. Inú ṣọ́ọ̀bù mi l'Ókè-Àjẹ ni mo jókòó sí, síìmù Nàìjíríà ló wà nínú fóònù, orílẹ̀-èdè wo ni wọ́n tún ń wá?

Ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní, "Màmá, VPN la máa fi ṣe é." Ó ní ó máa jẹ́ kó dà bíi pé ibòmíràn ni fóònù wà. Ó fi sí i, ìdáhùn kan náà ló jáde. Ó wá fẹ́ wá áàpù náà níbòmíràn kó sì fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo kọ̀. Áàpù tí màá tẹ nọ́mbà àṣírí báńkì mi sí, n kò lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ibi tó ti wá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló tú u nígbà tó wá kí mi lálẹ́. Ó tẹ àwòrán kékeré tó wà ní igun Play Store, ó wọ Settings, ó wọ General, lẹ́yìn náà Account and device preferences. United Kingdom ló wà níwájú orúkọ orílẹ̀-èdè. Àkáǹtì ẹ̀gbọ́n mi ló ṣì wà nínú fóònù! Orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ mọ́ àkáǹtì ni Play Store ń wò, kì í ṣe ibi tí èèyàn jókòó sí nìkan. Ìdí nìyẹn tí VPN kò fi ràn wá lọ́wọ́. Ẹni tó ni áàpù ló sì ń yan àwọn orílẹ̀-èdè tó fẹ́ kó dé.

Wọ́n lè yí orílẹ̀-èdè àkáǹtì padà, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún, ó sì ń béèrè káàdì ìsanwó ti orílẹ̀-èdè tuntun. Tí a bá yí ti ẹ̀gbọ́n mi, a ó da tirẹ̀ rú fún un lọ́hùn-ún. Ọ̀nà tó rọrùn ni pé a wọ Settings fóònù, a fi àkáǹtì tèmi tí mo ṣí níbí kún un, a sì padà sí Play Store, a tẹ àwòrán yẹn, a yan tèmi. Lójú ẹsẹ̀ ni Install yọ.

Mo tẹ̀ ẹ́, ó ń yí, ó tún dúró. Ó ní àyè ò tó. 85 MB ni wọ́n kọ sára áàpù, nǹkan bí 300 MB ló ṣẹ́ kù nínú fóònù, mo rò pé ó ti tó. Kò tó, torí pé fóònù máa ń gba fáìlì náà sílẹ̀ ná, á wá tú u palẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí àyè tiẹ̀ fúnra rẹ̀ gbẹ pátápátá. Mo ki káàdì mẹ́mórì bọ̀ ọ́, kò yí nǹkan kan padà, nítorí inú fóònù gan-an ni áàpù náà fẹ́ wọ̀. Mo wá pa fídíò rẹ́ títí, àyè ò sún. Àwọn tí mo pa rẹ́ ṣì wà nínú Trash níbi àwòrán, níbi tí wọ́n máa ń gbé fún 30 ọjọ́! Ìgbà tí mo dà á nù pátápátá, tí mo sì wọ Manage storage nínú WhatsApp láti kó àwọn fídíò àtijọ́ tí wọ́n ń pín kiri kúrò, mo rí 4 GB. Áàpù wọlé kí n tó ka mẹ́wàá.

Ohun tí mo fi yọ ìràwọ̀ méjì ni àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀dùn oníbàárà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè wọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kí n pa fóònù kí n tún un tàn. Kò sẹ́ni tó bi mí pé àkáǹtì ta ló wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ fóònù tí ará òkè òkun fi ránṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ wa ń lò nílùú yìí. Wọn ò sì kọ Android tó ń fẹ́ síbi tí ojú lè tètè rí i.

Láti ìgbà tó ti wọlé, kò fún mi ní wàhálà kankan. Mo san owó aṣọ lálẹ́ ọjọ́ náà, rìsíìtì yọ, akápò sì pè mí pé òun ti rí i.